Áàpù báńkì ò jẹ́ kí n wọlé: ṣé káàṣì ni kí n pa rẹ́ ni àbí kí n yọ áàpù kúrò pátápátá?

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Ẹ káàárọ̀ o ẹ̀yin èèyàn mi. Ẹ gbà mí o. Áàpù báńkì mi ti ń ya wèrè láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun. Mo wọlé dáadáa lọ́jọ́ yẹn, ìka ni mo fi tẹ̀ ẹ́, ìgbà tí mo wá fẹ́ san 185,000 náírà fún ẹni tí mo ń ra aṣọ lọ́wọ́ rẹ̀ l'Ékòó ló kọ "Something went wrong", mo tún un ṣe, ó tún kọ bẹ́ẹ̀. Láti ìgbà yẹn kò jẹ́ kí n wọlé mọ́, bí mo bá tẹ páásíwọọ̀dù á ní "Session expired. Please log in again", bí mo bá tún tẹ̀ ẹ́, ọ̀rọ̀ kan náà. Ọmọ mi ní kí n yọ áàpù náà kúrò kí n tún gbé e wọlé. Ọmọge tó ń ta ìlẹ̀kẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ní Clear cache ni. Ojúde Ọba ti ń kan ilẹ̀kùn, aṣọ rẹ́gbẹ́rẹ́gbẹ́ méjì ló wà lọ́rùn mi. Èwo ni kí n kọ́kọ́ ṣe? Android ni fóònù mi.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Ẹ kú àárọ̀ mà. Ọmọ yín sọ òótọ́. Ẹ yọ ọ́ kúrò, ẹ lọ dáńlóòdù ẹ̀ padà, kò gbà ju ìṣẹ́jú márùn-ún lọ. Èmi ti ṣe é bí ẹ̀ẹ̀mẹta báyìí, kò já mi kulẹ̀ rí. Clear cache yẹn, ìgbà kan wà tí mo tẹ̀ ẹ́ títí tí ọwọ́ ń ro mí, áàpù ṣì ń sọ ohun tó ń sọ.

BàbáÌpẹ̀rù
Ẹ̀yin ọmọ yìí, ẹ rọra o. Ṣé báyìí lẹ ṣe máa ń gba arúgbó nímọ̀ràn? Obìnrin ní báńkì ò jẹ́ kóun wọlé, ẹ ní kó lọ kílíà káàṣì. Tó bá kílíà ẹ̀ tán, ta ló máa dá owó ẹ̀ padà fún un? Owó ọjà ẹni ẹlẹ́ni!

Sábó_Fóònù_Dókítà
😂😂 Bàbá wa, ẹ má bínú, káàṣì tí wọ́n ń wí kì í ṣe owó. Àwọn nǹkan pẹ́pẹ̀pẹ́ tí áàpù máa ń kó pamọ́ kó má baà máa dáńlóòdù ẹ̀ ní gbogbo ìgbà ni, bí àwòrán, orúkọ àwọn báńkì, ojú ewé tẹ́ ẹ ti ṣí tẹ́lẹ̀. Bẹ́ ẹ bá pa á rẹ́, owó yín wà ní báńkì, kò sí lórí fóònù rárá.

Ìyá Aláṣọ, ẹ kú ọjà o. Ṣọ́ọ̀bù tí mo ti ń tún fóònù ṣe wà ní Sábó, Ṣágámù, irú ọ̀rọ̀ yìí máa ń wọlé tọ̀ mí wá bíi mélòó kan lọ́sẹ̀. Ẹ jọ̀ọ́, Ẹ MÁ TÍÌ YỌ ÁÀPÙ YẸN KÚRÒ O. Kẹ́ ẹ kọ́kọ́ dá mi lóhùn ohun mẹ́ta.

Àkọ́kọ́, 185,000 yẹn, ṣé ẹ dá a lójú pé kò lọ? Ẹ má fi ohun tí áàpù kọ dá mi lóhùn o, ẹ wo áléètì tàbí kẹ́ ẹ fi kóòdù USSD báńkì yín wo iye tó kù.

Ìkejì, SIM tí báńkì ń fi OTP ránṣẹ́ sí, ṣé ó wà lọ́wọ́ yín, ṣé ó ń ṣiṣẹ́?

Ìkẹta, ìgbà wo lẹ ti ṣe ọ́pùdéètì áàpù náà kẹ́yìn? Ẹ fọwọ́ tẹ àwòrán áàpù yẹn mọ́lẹ̀ kó pẹ́ díẹ̀, ẹ tẹ App info, ẹ wá wọ́ ọ sókè dé ìsàlẹ̀ pátápátá, ẹ máa rí nọ́ńbà fẹ́ṣọ̀n níbẹ̀. Lẹ́yìn náà ẹ wọ Play Store, ẹ wá áàpù náà, ẹ wò ó bóyá Open ló kọ sí i tàbí Update.

Àti pé ẹ má tẹ páásíwọọ̀dù yẹn mọ́. Tó bá jẹ́ pé sáfà wọn, ìyẹn kọ̀ǹpútà báńkì tí áàpù ń bá sọ̀rọ̀, ń kà á sí páásíwọọ̀dù tí kò tọ́, ẹ̀ẹ̀mẹta sí márùn-ún báyìí, wọ́n á ti àkáǹtì yín pa, ìṣòro kan á wá di méjì.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Ẹ̀gbọ́n, kí ló burú nínú kí wọ́n yọ ọ́? Mo ní ẹ̀ẹ̀mẹta ló ti ṣiṣẹ́ fún mi.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Àbúrò, mi ò ní kò ṣiṣẹ́. Ohun tó ṣiṣẹ́ gan-an lo ò mọ̀. Nígbà tó o yọ áàpù kúrò tó o padà lọ Play Store, fẹ́ṣọ̀n tuntun ni Play Store gbé fún ẹ, àbí wọ́n á tún fún ẹ ní ti ọdún tó kọjá ni? Fẹ́ṣọ̀n tuntun yẹn ló tún un ṣe. Ká ní o kàn tẹ Update tó wà níbẹ̀ ni, ohun kan náà ni wàá rí gbà, nǹkan kan ò sì ní sọnù. Yíyọ tó o yọ ọ́ kàn tẹ̀ lé e lásán ni.

Yíyọ náà ní iye tó ń náni. Áàpù báńkì máa ń fi àmì kan pamọ́ sórí fóònù tó fi ń mọ̀ pé fóònù ẹni yìí nìyí, òun ni kì í jẹ́ kí wọ́n béèrè OTP lọ́wọ́ rẹ lójoojúmọ́. Bó o bá yọ áàpù, tàbí o tẹ Clear storage, tí fóònù mìíràn ń pè ní Clear data, àmì yẹn ti lọ nìyẹn. Wọ́n á kà ẹ́ sí fóònù tuntun. Wọ́n á béèrè nọ́ńbà káàdì ATM, PIN ẹ̀, OTP, ibòmíràn á ní kó o ya ojú ẹ. Báńkì mìíràn tún máa ń dín iye tó o lè fi ránṣẹ́ kù fún bí ọjọ́ kan lórí fóònù tí wọn ò mọ̀ rí. Ìwọ akẹ́kọ̀ọ́ tó ń fi 3,000 ránṣẹ́ ò ní mọ̀ ọ́n lára. Ẹni tó fẹ́ san 185,000 lọ́la nìyẹn o.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó
Ohun tó ṣẹlẹ̀ sí èmi gan-an nìyẹn!! Mo yọ áàpù kúrò lálẹ́ ọjọ́ Ẹtì, mo tún gbé e wọlé, wọ́n ní káàdì dà, káàdì mi ti kú láti oṣù méjì, mi ò tíì gba òmíràn. Ọjọ́ Ajé ni mo tó dé báńkì, mo wà lórí ìlà láti aago mẹ́jọ títí di ọ̀sán, gààrí tí mo fẹ́ kó ránṣẹ́ sí Ìbàdàn wà nílẹ̀ gbogbo òpin ọ̀sẹ̀ yẹn. Ó dáa kí ọmọ yẹn gbọ́.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Ẹ kú ìjókòó o. Iṣẹ́ kíkọ áàpù ni mo ń ṣe, kì í ṣe ti báńkì, ṣùgbọ́n ilé kan náà la jọ ń gbé. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe rí láti ẹ̀yìn.

Áàpù àti sáfà ní èdè tí wọ́n jọ ń sọ. Bí àwọn báńkì bá yí èdè yẹn padà, ká sọ pé wọ́n yí bí wọ́n ṣe ń bo PIN mọ́lẹ̀ kó tó rìnrìn àjò, wọ́n máa ń fi èdè àtijọ́ sílẹ̀ fún oṣù díẹ̀ kí àwọn tí ò tíì ṣe ọ́pùdéètì lè máa bá a lọ. Ó pẹ́ ó yá wọ́n á ti ilẹ̀kùn yẹn. Áàpù tí wọ́n kọ dáadáa á sọ ọ́ fún ẹ gbangba pé "Update required". Èyí tí wọn ò kọ dáadáa, àwọn yẹn pọ̀ o, sáfà á kàn kọ̀ ọ́, áàpù àtijọ́ ò ní mọ ohun tí ìkọ̀sílẹ̀ yẹn túmọ̀ sí, yóò wá fi ọ̀rọ̀ tó bá ti wà lẹ́nu ẹ̀ rọ́pò: session ti parí, páásíwọọ̀dù ò tọ́, kò sí nẹ́tíwọ́ọ̀kì. Irọ́ ni gbogbo ẹ̀. Bí ẹni tí ò gbọ́ Gẹ̀ẹ́sì tí wọ́n ní kó wá túmọ̀ ni.

Ìdí nìyẹn tí Clear cache ò fi lè wo àìsàn yìí. Káàṣì kì í ṣe ara kóòdù áàpù. O lè pa á rẹ́ ní ìgbà ogún, fẹ́ṣọ̀n àtijọ́ náà ló ṣì máa dìde. Dókítà ò ṣì í sọ.

Ṣùgbọ́n Màmá, ohun tí wọ́n béèrè nípa 185,000 yẹn ló ń bà mí lẹ́rù jù. Ẹ sáré wò ó.

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Ẹ ṣé o ẹ̀yin ọmọ mi, Ọlọ́run á bá yín ṣe é. Àyà mi ti já. SIM báńkì kò sí nínú fóònù yìí o, inú fóònù kékeré mi tí mo ń fi sílẹ̀ nílé ló wà, torí àwọn tó ń jí fóònù lọ́jà. Mo ti rán ọmọ lọ mú un wá.

Fẹ́ṣọ̀n tó wà lórí ẹ̀ bẹ̀rẹ̀ pẹ̀lú 3.8. Play Store kọ Update sí i lóòótọ́, wọ́n sì kọ sí About this app pé 5.1 ni tuntun. Ọmọ mi ló ti ọ́pùdéètì pa láti ọjọ́ pípẹ́, ó ní ó ń jẹ dátà mi.

BàbáÌpẹ̀rù
Ó dáa, mo ti gbọ́ ti káàṣì. Ṣùgbọ́n tèmi ńkọ́? Tèmi náà ò wọlé láti oṣù tó kọjá. Mo lọ Play Store yín, kò kọ Update, ohun tó kọ ni pé "Your device isn't compatible with this version". Fóònù mi ò bàjẹ́ o, ọmọ mi tó wà ní Kánádà ló rà á fún mi, ó ń pe èèyàn dáadáa.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Bàbá, a máa padà dé orí tiyín, ẹ jẹ́ ká tọ́jú ìyá yìí ná. Ẹ wọ Settings, ẹ wo About phone, kẹ́ ẹ sọ nọ́ńbà Android tẹ́ ẹ bá rí níbẹ̀ fún wa.

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Mo ti rí fóònù kékeré. Ẹ̀yin èèyàn! Áléètì wà níbẹ̀! 185,000 ti lọ láti ọjọ́ Ìṣẹ́gun, aago méjì ọ̀sán kọjá ìṣẹ́jú díẹ̀! Ẹ̀ẹ̀kan péré ló lọ, ọpẹ́ ni f'Ọ́lọ́run, mo fi USSD wo iye tó kù, ó pé. Mo pe ọkùnrin yẹn l'Ékòó, ó ní ó ti wọlé fún òun, òun rò pé mo mọ̀ ni òun ò fi pè mí. Àná ni mo fẹ́ bẹ ẹ̀gbọ́n mi kó bá mi fi ránṣẹ́ láti ọ̀dọ̀ tiẹ̀, màá ti san án lẹ́ẹ̀mejì!

Báwo ni nǹkan á ṣe lọ kí áàpù ní kò lọ?

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Màmá, ẹ kú oríire. Bó ṣe ṣẹlẹ̀ rèé lójú tèmi: ìbéèrè yín dé báńkì, wọ́n san owó, wọ́n dá èsì padà. Èsì yẹn ló wá ní èdè tuntun tí 3.8 ò lè kà. Ó yà á lẹ́nu, ó kọ "Something went wrong". Ohun tó bàjẹ́ lójú tirẹ̀ ni kíkà, owó ti lọ ní tirẹ̀.

Ìkejì tí ẹ tẹ̀, ó ṣeé ṣe kí báńkì ti rí i pé owó kan náà sí ẹni kan náà láàárín ìṣẹ́jú díẹ̀ ni, kó dá a dúró. Báńkì kan máa ń ṣe bẹ́ẹ̀, òmíràn kì í ṣe é, kẹ́ ẹ má gbára lé e láé.

Ká ní ọkùnrin yẹn ní kò tíì wọlé fún òun ni, ẹ máa béèrè Session ID lọ́wọ́ báńkì, nọ́ńbà gbọọrọ kan ni, 30 ni ó gùn, gbogbo tíráńsífà láti báńkì kan sí òmíràn ló ní tiẹ̀. Òun ni báńkì tó gba owó á fi wá a. Torí ẹ̀ ni Dókítà ṣe ní kẹ́ ẹ má tíì yọ áàpù kúrò kẹ́ ẹ tó wò ó. Àwọn áàpù kan máa ń fi rìsíìtì àti àkọsílẹ̀ ohun tó wà lójú ọ̀nà pamọ́ sórí fóònù nìkan, bẹ́ ẹ bá yọ áàpù kúrò wọ́n á bá a lọ.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Hmm. Ìyẹn ò wọ orí mi rí ṣá. Mo gbà.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Ìyá Aláṣọ, ó ti yá báyìí. Ẹ fi SIM yẹn sítòsí, kì í ṣe pé a máa lò ó dandan, ṣùgbọ́n bí wọ́n bá béèrè OTP kẹ́ ẹ má lọ máa sáré. Ẹ wọ Play Store, ẹ tẹ Update. Ẹ má tẹ Uninstall tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ o, ojú kan náà ni wọ́n fi wọ́n sí.

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Ó ń kọ "Pending", "Pending" látàárọ̀. Ó ti tó ìdajì wákàtí.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Ẹ wọ Settings, ẹ wo Storage. Mélòó ló kù?

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
240 MB.

Sábó_Fóònù_Dókítà
A ti rí i. Ọ́pùdéètì nílò àyè ju bí áàpù ṣe tóbi lọ, torí ó máa kọ́kọ́ gbé tuntun sílẹ̀ kó tó mú ti àtijọ́ kúrò. Ẹ má lọ yọ áàpù kankan, fídíò òde ìnáwó tí wọ́n ń fi ránṣẹ́ sí yín lórí Wọ́sáàpù ni kẹ́ ẹ lọ pa rẹ́. Nínú Wọ́sáàpù fúnra ẹ̀, Settings, Storage and data, Manage storage, á tò wọ́n fún yín láti orí èyí tó tóbi jù. Ẹ ṣe é tó fi máa ku bíi 1 GB.

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Haa, fídíò ìsìnkú kan ṣoṣo jẹ́ 700 MB! Ẹni tó fi ránṣẹ́ sí mi gan-an ò lè mọ ẹni tó kú yẹn. Mo ti pa mẹ́fà rẹ́. Ó ti ń dáńlóòdù báyìí.

...

Ó TI WỌLÉ!! Páásíwọọ̀dù ló béèrè lẹ́ẹ̀kan, kò béèrè OTP, kò béèrè káàdì, ó ní ṣé kí n tún fi ìka mi sí i, mo ní bẹ́ẹ̀ ni.

Ṣùgbọ́n ẹ wò ó, mo fẹ́ san owó fún télọ̀ mi, nígbà tí mo dé ibi tí wọ́n ti ń yan báńkì, ó kàn ń yí róbótó, róbótó, kò mú orúkọ báńkì kankan jáde. Mo ti padà jáde, mo tún wọlé. Róbótó náà ni.

Sábó_Fóònù_Dókítà
😂 Ibi tí ọmọge oníìlẹ̀kẹ̀ ti gbà nìyí. ÌSINSÌNYÍ ni Clear cache. Ẹ tẹ áàpù yẹn mọ́lẹ̀, App info, ẹ tẹ Force stop, lẹ́yìn náà Storage & cache, ẹ tẹ Clear cache. Ẹ fara balẹ̀, bọ́tìnnì méjì ló wà níbẹ̀, ẹ má fọwọ́ kan Clear storage.

ÌyáAláṣọ_ÒkèAjé
Ó ti jáde! Gbogbo báńkì pé. Télọ̀ ti gba owó ẹ̀, ó ti pè mí.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Ẹ̀gbọ́n Ìkẹ́nnẹ́, kí ló dé tí káàṣì fi wá ṣiṣẹ́ nísinsìnyí tí kò lè ṣiṣẹ́ ní àárọ̀?

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Ní àárọ̀, áàpù ló darúgbó. Nísinsìnyí, áàpù ti di tuntun, ẹrù tó bá nílé ló darúgbó. Bó o bá ṣe ọ́pùdéètì, ẹrù àtijọ́ kì í kúrò nílẹ̀. 5.1 bá orúkọ àwọn báńkì tí 3.8 tò sílẹ̀, bó ṣe tò ó yàtọ̀, ó gbìyànjú láti kà á, kò rí ojú ẹ̀. Ẹni tó kọ 5.1 ló yẹ kó ti ro ti ẹrù yẹn mọ́ ọn, kó pa á rẹ́ fúnra ẹ̀, ṣùgbọ́n ọ̀pọ̀ máa ń dán an wò láti fẹ́ṣọ̀n tó ṣáájú nìkan, wọn ò rò ó pé ẹnì kan á fò láti 3.8 bọ́ sí 5.1.

Bó o ṣe máa mọ̀ ni pé kò ní jẹ́ gbogbo áàpù ló bàjẹ́. Wàá wọlé, ibì kan péré á máa yí tàbí kó máa fi ohun àtijọ́ hàn ẹ́.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Èmi máa ń pa káàṣì gbogbo áàpù rẹ́ lọ́ọ̀sọ̀ọ̀sẹ̀ kó lè máa yá.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Ìyẹn ni àwa ò ní gbà fún ẹ. O kàn ń jẹ́ kí wọ́n tún gbogbo ẹ̀ dáńlóòdù ni, dátà ẹ ló ń lọ. Ọjọ́ tí nǹkan bá bàjẹ́ ni.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Ẹ̀gbọ́n, fóònù mi yá ju tiyín lọ ṣá 😏

Àǹtí_Òdògbólú
Ẹ jọ̀ọ́, iPhone ni tèmi, mi ò rí Clear cache níbì kankan, mo ti wá a títí.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Kò sí níbẹ̀ àǹtí. Ẹ lọ sí App Store, ẹ ṣe ọ́pùdéètì ná. Tí kò bá tíì dáa, Settings, General, iPhone Storage, ẹ yan áàpù náà, ẹ máa rí Offload App àti Delete App. Offload á gbé áàpù kúrò, á fi ẹrù yín sílẹ̀, bẹ́ ẹ bá tún un gbé wọlé fẹ́ṣọ̀n tuntun ló máa wá bá ẹrù yẹn. Tó bá jẹ́ pé ẹrù yẹn ló bàjẹ́, Offload ò lè wò ó, Delete ló kù, ẹ rántí káàdì àti SIM kẹ́ ẹ tó tẹ̀ ẹ́.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó
Mo ní ìbéèrè kan tó jọ èyí. Mo ń fi káàdì sanwó nínú áàpù kan tí wọ́n ti ń ra ọjà, nígbà tó bá dé ibi tí báńkì ti máa béèrè OTP, ojú ewé á funfun báláú, kò sí nǹkan kan níbẹ̀. Mo ti ṣe ọ́pùdéètì áàpù náà, mo ti pa káàṣì rẹ́, mo ti yọ ọ́, mo ti tún un gbé wọlé. Báláú.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Kì í ṣe áàpù yẹn. Ojú ewé OTP kì í ṣe ti wọn, ti báńkì tó fún ọ ní káàdì ni, nǹkan kan tí wọ́n ń pè ní Android System WebView ló ń ṣí i fún gbogbo áàpù orí fóònù. Lọ wá a ní Play Store, wò ó bóyá Update wà níbẹ̀, ṣe ti Chrome pẹ̀lú ẹ̀. Ẹ rántí oṣù kẹta ọdún 2021? WebView kan tó bàjẹ́ ló jáde, áàpù lóríṣiríṣi ń kú lójú àwọn èèyàn kárí ayé, Gmail gan-an ń kú, títí Google fi gbé ọ́pùdéètì Chrome àti WebView tuntun jáde. Àwọn èèyàn ń yọ áàpù tí ò ṣẹ̀ wọ́n kúrò, wọ́n ń gbé e padà, asán.

Ọmọ_Ìjẹ̀búIgbó
Update wà níbẹ̀ lóòótọ́! Mo ti ṣe é. Màá dán an wò bí mo bá fẹ́ ra nǹkan.

Alákàrà_Ìlíṣàn
Ẹ fún mi láyè kí n fi tèmi kún un. Tèmi ní ọdún tó kọjá, gbogbo nǹkan yìí ni mo ṣe, kò sí ọ̀kan tó ṣiṣẹ́. Ní ọjọ́ kejì ó kàn wọlé fúnra ẹ̀. Báńkì ni nẹ́tíwọ́ọ̀kì wọn ti kú, gbogbo ará ọjà wa ni kò rí wọlé, èmi nìkan ni mi ò béèrè lọ́wọ́ ẹnikẹ́ni. Tí mo bá ti rí i báyìí, ẹni tó ń lo báńkì yẹn lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi ni mo máa kọ́kọ́ bi.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Ìyẹn ló yẹ kí n kọ́kọ́ sọ gan-an. Ẹ ṣé.

BàbáÌpẹ̀rù
Mo ti rí i. Android 5.1 ni. Ẹ wá ti dá gbogbo ayé lóhùn tán.

Sábó_Fóònù_Dókítà
Ẹ má bínú bàbá. Ọ̀rọ̀ tiyín le díẹ̀. Áàpù tuntun yẹn ò gba Android 5 mọ́, torí náà kò sí ọ́pùdéètì tó máa wá. Bẹ́ ẹ bá pa káàṣì rẹ́, kò ní yí padà, bẹ́ ẹ bá sì yọ áàpù kúrò gan-an nìyẹn, ẹ lè má rí i gbé padà mọ́ rárá. USSD á ṣiṣẹ́ fún yín. Ẹ tún lè fi Chrome wọ ìkànnì báńkì yín, bí Chrome yẹn ò bá tíì darúgbó jù.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Bàbá, àwọn ìkànnì kan wà tí wọ́n ti ń fúnni ní fẹ́ṣọ̀n tó wà láàárín, tí kò tuntun jù tí kò sì darúgbó jù. Ẹ lè dáńlóòdù ẹ̀ bí fáìlì.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Rárá o. Áàpù tí wọ́n ń fi PIN sí, láti ọwọ́ ẹni tí a ò mọ̀? Ẹnikẹ́ni lè tún un kọ kó sì máa gba PIN bàbá sílẹ̀. Àti pé fẹ́ṣọ̀n àárín yẹn gan-an, báńkì lè ti ilẹ̀kùn rẹ̀ lóṣù tó ń bọ̀.

Àgọ́Ìwòyè_Bọ́ìsì
Kì í ṣe gbogbo ibẹ̀ lónijìbìtì wà. Ti èmi ti lé lọ́dún kan.

ỌmọÌkẹ́nnẹ́_Kóòdù
Ṣé tìẹ náà ní owó ìfẹ̀yìntì nínú?

BàbáÌpẹ̀rù
Ẹ fi ọmọ yẹn sílẹ̀. Mo fẹ́ gbé fóònù yìí wá sí Sábó, bóyá ẹ lè fi Android tuntun sí i fún mi. Ibo gan-an ni ṣọ́ọ̀bù yẹn wà?

Sábó_Fóònù_Dókítà
Bàbá, irú fóònù yẹn, ẹni tó ṣe é ò gbé Android tuntun jáde fún un mọ́, mi ò ní gba owó yín lórí ohun tí mi ò lè ṣe. Ṣùgbọ́n ẹ gbé e wá ká jọ wo Chrome yẹn, kẹ́ ẹ sì mú fóònù tọ́ṣì tẹ́ ẹ ń fi SIM báńkì sí lọ́wọ́. Ẹ má wá lọ́la o, ọjọ́ ọjà ni, ẹ ò ní rí ibi dúró.